Kóró tí Omi Híhó Kì í Pa

Nígbà tí ebi bá mú Bàsílọ́ọ̀sì tàbí Kilositirídíọ̀mù, bakitéríà náà á sọ inú ara rẹ̀ di ohun kékeré kan tó le, tó sì gbẹ, tí omi híhó kì í sábà pa. Kí la ó máa pe ohun náà ní Yorùbá? "Irúgbìn" ló yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà, nítorí à ń gbin irúgbìn kí ó lè di púpọ̀ ni. Bakitéríà kan, ẹyọ kan péré ló ń so, bí ẹyọ náà bá sì jí, bakitéríà kan náà la ó tún rí. "Ẹyin" kò sàn jù ú lọ. "Kóró" ni mo fara mọ́, torí líle àti gbígbẹ ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn tí a bá gbọ́ ọ. Bakitéríà náà dikóró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìdikóró.

Ẹ jẹ́ ká wo Bàsílọ́ọ̀sì sọ́tílíìsì, ọ̀kan náà tó ń sọ hóró irúgbá sísè di irú ọbẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá wà, àárín gbùngbùn ló ti ń pín sí méjì. Ní ọjọ́ ebi, ìpẹ̀kun kan ló ti ń pín, ìyá ńlá á wà lápá kan, ọmọ kékeré lápá kejì, DNA tiwọn á sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìyá á wá fi awọ ara rẹ̀ yí ọmọ ká títí ọmọ á fi wà nínú rẹ̀. Mi ò ní sọ pé ó gbé e mì, torí ohun tí a bá gbé mì ti di oúnjẹ, ìyá yìí kò sì jẹ ọmọ rẹ̀. Ó wé e ni. Ó mọ ògiri tó nípọn yí i ká, ó fi èèpo púróténì bò ó léraléra, ó sì ń kó kálísíọ̀mù àti ásíìdì dipikoliníìkì sí i nínú. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 8, ìyá á bẹ́, á kú, kóró á sì jáde.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ní èèpo ni kì í jẹ́ kí ooru wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ń hó ní 100°C, inú kóró náà á gbóná dé 100°C láìpẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé omi inú rẹ̀ kéré. Nínú bakitéríà tó ń dàgbà, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ni omi, nítorí náà púróténì rẹ̀ ń rí àyè tú, ó sì ń dì bí ẹyin tí a sè. Ní ọkàn kóró, omi lè lọ sílẹ̀ dé ìdá 25 sí 50. Kálísíọ̀mù àti ásíìdì yẹn ló gba àyè rẹ̀. Púróténì há síbẹ̀, kò ráyè tú. Àwọn púróténì kéékèèké mìíràn sì so mọ́ DNA, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo máa lò fún èyí ni "ìfaradà": ooru wọlé o, kóró fara dà á.

Ìdí nìyí tí "sísè" kò fi lè dúró fún "pípa tán" nínú ìwé ìmọ̀. Láti pa kóró tán, ilé àyẹ̀wò ń lo ooru omi ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15, nínú ìkòkò tí wọ́n dé pinpin kí agbára ìtẹ̀ ooru náà lè gbé ìgbóná kọjá 100°C. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ alágolo kì í sì fi èyí ṣeré, torí Kilositirídíọ̀mù bọtulínọ̀mù kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, inú agolo sì bá a lára mu.

Ẹ wo ìrẹsì ọ̀sán. Kóró Bàsílọ́ọ̀sì sírọ́ọ̀sì ti bá a wá láti inú ilẹ̀ oko. Sísè pa àwọn bakitéríà tí kò dikóró, ó sì ta ọ̀pọ̀ kóró jí. Bí ìrẹsì náà bá jókòó sórí tábìlì, tí ó ń tutù díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́, kóró á hù: ásíìdì àti kálísíọ̀mù á jáde, omi á wọlé, ìfaradà á sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó bá tún un sè lásìkò yẹn á pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pọ̀, wọ́n lè ti tú májèlé kan tí à ń pè ní sirúláìdì sínú ìrẹsì. Májèlé yìí kì í ṣe ohun alààyè, kò sì ní òórùn tí imú lè fi mọ̀ ọ́n. Ìgbóná 121°C fún ìṣẹ́jú 90 kò ba á jẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbóná fọ́ọ́ nígbà tí wọ́n bù ú fún un. Nítorí náà, ìrẹsì tó bá kù, kí a jẹ́ kó máa gbóná ju 60°C lọ, tàbí kí a pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí ó sì tètè wọ fíríìjì.