Bí a ṣe ń po omi SRO fún ọmọ kékeré tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru

Bí ọmọ bá ya ìgbẹ́ tó dà bí omi lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru nìyẹn. Ohun tó sábà máa ń pa ọmọ níbẹ̀ ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde lára rẹ̀. Iṣẹ́ SRO, ìyẹ̀fun inú sáṣè tí ẹ ó rí ní famasí tàbí ní ilé ìwòsàn, ni láti dá wọn padà.

Omi yìí kì í dá ìgbẹ́ dúró o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣì í mú: ọmọ mu ún, ó tún ya ìgbẹ́, wọ́n ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́, wọ́n jù ú nù. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti gba ara ìfun wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyí tí bí a ṣe pò ó fi ṣe pàtàkì. Bó bá ki jù, ìfun ló máa fa omi kúrò lára ọmọ, ìgbẹ́ á pọ̀ sí i, iyọ̀ á sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣàn jù, iyọ̀ inú rẹ̀ ò ní tó.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára sáṣè. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ fún omi lítà 1, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ wà. Ìgò omi ńlá tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń tan èèyàn: lítà 1 àti ààbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ìgò ìdajì lítà ló rọrùn jù, ẹ kún un lẹ́ẹ̀mejì, ó di lítà 1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ omi kànga, ẹ sè é kó hó, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó da gbogbo ìyẹ̀fun sáṣè náà sí i, kẹ́ ẹ sì rò ó títí yóò fi yọ́. Ẹ má pín sáṣè kan sí méjì, torí ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó pín dọ́gba. Ẹ má fi ṣúgà, wàrà tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kún un, ẹ má sì tún un sè. Ẹ bò ó. Tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ po òmíràn.

Ká sọ pé ọmọ oṣù 18 kan ní Kétu ti ya ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, àmọ́ ó ṣì ń ṣeré díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 máa ń mu 50 sí 100 mílílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí kékeré ìmu tíì máa ń gba mílílítà 5, ìyẹn ni pé ṣíbí 10 sí 20. Ẹ fún un ní ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ó lè gbà yín tó ìdajì wákàtí, kò sóhun tá a lè ṣe sí i. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ya ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún sí i kílẹ̀ tó ṣú, 250 sí 500 mílílítà ló máa mu. Ọmọ tó ti lé lọ́dún 2 á mu 100 sí 200 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ má sì fi ebi pa á. Ẹ̀kọ àti oúnjẹ rẹ̀ kò dá ìgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè síńkì pẹ̀lú SRO: 20 mílígíráàmù lóòjọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù 6, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dáwọ́ dúró. Ẹ má fún un ní hóró oògùn tí wọ́n fi ń dá ìgbẹ́ àgbàlagbà dúró.

Bí sáṣè ò bá sí nílé, ṣíbí kékeré ṣúgà 6 tí a rẹ́ lórí àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú omi lítà 1. Iyọ̀ ni ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ tọ́ ọ wò: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù. Kò tó sáṣè o, ẹ máa fi í dì í mú títí tẹ́nì kan á fi lọ ra sáṣè dé.

Bí ojú ọmọ bá jìn sínú, tí kò ṣeré mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó mu, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa fún un ní SRO lójú ọ̀nà bó bá lè mu ún. Ṣùgbọ́n bó bá ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.