Kóòdù Konami

Kóòdù Konami jẹ́ kóòdù ìrẹ́jẹ kan nínú géèmù fídíò. Kazuhisa Hashimoto (1958–2020), olùṣètò kọ̀ǹpútà ará Japáànù, ni ó kọ ọ́ sínú géèmù Gradius ti ẹ̀rọ Famicom, tí iléeṣẹ́ Konami gbé jáde ní ọdún 1986. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò ni kóòdù náà jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Hashimoto kò ṣe é fún àwọn òǹrajà.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ń ṣètò géèmù gbọ́dọ̀ yẹ ìpele ìkẹyìn wò bó ṣe ń yẹ ti àkọ́kọ́ wò, torí pé àṣìṣe lè fara pa mọ́ síbikíbi. Ṣùgbọ́n Gradius le púpọ̀, Hashimoto fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣe é parí. Ó wá kọ kóòdù kan tó ń fún ọkọ̀ òfúrufú inú géèmù náà ní ọ̀pọ̀ ohun ìjà àti asà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yan èyí tí òun alára lè tètè rántí. Òṣèré yóò dá géèmù dúró díẹ̀, yóò sì tẹ:

```
↑ ↑ ↓ ↓ ← → ← → B A
```

Kóòdù náà ṣì wà nínú géèmù nígbà tí wọ́n gbé e sọ́jà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Lórí kọ̀ǹpútà tó ní pátákó ìtẹ̀wé, irú kóòdù bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà. Nínú Manic Miner (1983), `6031769` ni òṣèré ń tẹ̀. Páàdì Famicom kò ní ju ọfà mẹ́rin àti bọ́tìnnì mẹ́rin lọ, gbogbo wọn ló sì ti ní iṣẹ́. Ìtòtẹ̀léra tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣèèṣì tẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ.

Ètò náà máa ń ka iye ìtẹ̀ tó bá ìlànà mu. Bí ìtẹ̀ tuntun bá tọ̀nà, iye náà á fi 1 lé sí i. Bí ó bá ṣì, ó lè padà sí 0. Nígbà tí ó bá pé 10, ẹ̀bùn á jáde. Ẹ̀rọ náà ń wo páàdì ní nǹkan bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìtẹ̀ tuntun nìkan ni ètò gbọ́dọ̀ kà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka tó pẹ́ díẹ̀ lórí bọ́tìnnì yóò di ìtẹ̀ púpọ̀.

Ìtànkálẹ̀

Kò sí ohun tó ń fi kóòdù náà hàn lójú ẹ̀rọ. Ńṣe ni àwọn òṣèré ń sọ ọ́ fún ara wọn. Contra ti ọdún 1988 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: bí òṣèré bá tẹ̀ ẹ́ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí 30 ni yóò ní dípò 3. Nígbà tó yá, Konami fi ìmọ̀ yìí dẹ pańpẹ́. Nínú Gradius III ti ẹ̀rọ Super Nintendo, ẹni tó bá tẹ kóòdù àtijọ́ yóò rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ bú gbàmù. Bọ́tìnnì L àti R ni ó yẹ kó fi rọ́pò ọfà òsì àti ọ̀tún.