Asíráńsì ọkọ̀: kí ni tíyẹ́ẹ̀ ń san, kí sì ni tu-rísìkì ń san gan-an?

Bí a bá gba ìwé iye méjì lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ asíráńsì, ìlà tó kẹ́yìn ni ojú wa máa ń sáré lọ bá. Èyí ń béèrè 70.000 fránkì lọ́dún, ìyẹn ń béèrè 260.000. A ó ní ẹni tó ń béèrè 260.000 fẹ́ jẹ wá run ni. Ṣùgbọ́n ìwé méjèèjì kò ta ọjà kan náà fún wa, ọjọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. (Àwọn owó tí a ó lò níbí, àpẹẹrẹ ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tíyẹ́ẹ̀, torí òun ni òfin fi dandan lé. Kóòdù CIMA, tí orílẹ̀-èdè wa àti àwọn mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà jọ ń lò láti oṣù kejì ọdún 1995, sọ ọ́ nínú àrtíkù 200 pé ẹni tó bá ní ohun ìrìnnà alẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní asíráńsì tó máa san ohun tó bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn náà ni tíyẹ́ẹ̀, ẹni kẹta. Ọ̀kadà àwọn sẹ́mì wà nínú òfin yìí pẹ̀lú, bí ẹ tiẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú pópó wa.

Olùkọ́ kan láàrin wa ń bọ̀ láti Ìpinlẹ̀, ó ń lọ sí Pọ́bẹ̀ lásìkò òjò. Ó yà fún kòtò, ó gbá ọlọ́kadà kan, ọkọ̀ tirẹ̀ náà sì wọ kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀bi rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ kò sì sẹ́. Asíráńsì rẹ̀ tún ọ̀kadà náà ṣe, ó sì san owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Fún ọkọ̀ tirẹ̀, kò rí kọ́bọ̀. Ó bínú, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo ti ń san láti ọdún mẹ́rin wá ńkọ́?" Ọkùnrin tó ta asíráńsì náà fún un dáhùn pé: "Tísà, owó yín náà la fi san ti ẹnìkejì yẹn." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí tíyẹ́ẹ̀ wà fún nìyẹn.

Ká ní ọlọ́kadà náà ló jẹ̀bi ńkọ́? Asíráńsì ọlọ́kadà ni ì bá tún ọkọ̀ olùkọ́ wa ṣe. Ṣùgbọ́n bí ti ọlọ́kadà bá ti kú láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ni a ó máa lé kiri. Ta ló lè gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin fránkì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣa owó oúnjẹ òòjọ́?

Ibí ni tu-rísìkì ti wúlò, torí pé ó ń tún ọkọ̀ tiwa ṣe, yálà àwa la jẹ̀bi tàbí ẹlòmíràn. Àmọ́ iye tó ń san kì í ṣe iye tí gáráàjì kọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ wa lè tà ní 4.000.000 lọ́jà lónìí. Ó forí sọ igi, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 1.200.000. Nínú kóńtírà, a rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní fùráńṣíìsì, ìyẹn apá tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ san. Ká ní ó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe, tí kò sì gbọdọ̀ dín sí 100.000. A ó yọ 120.000, yóò ku 1.080.000. Bí kóńtírà bá tún yọ owó ogbó lórí àwọn ẹ̀yà tuntun tí wọ́n fi pààrọ̀ ti àtijọ́, yóò tún dín sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí owó asíráńsì lè fúyẹ́, a máa kọ iye ọkọ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sí ìsàlẹ̀. Ká ní a kọ 3.000.000 dípò 4.000.000. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọkọ̀ la dáàbò bò, nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àtúnṣe ni wọn yóò kà: 900.000. Bí wọ́n bá wá yọ fùráńṣíìsì 120.000 náà, 780.000 ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹgbẹ̀rún fránkì ti lọ, torí bóyá ogójì ẹgbẹ̀rún tí a dín kù lọ́dún. Ẹ má sì rò pé kí ẹ kọ 6.000.000 ló dáa jù. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ pátápátá, iye tó lè tà ní ọjọ́ tí ìjàm̀bá kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò san. Ẹ kàn san owó lé owó lásán ni.

Irú ìdínkù yìí tún wà bí a bá kọ "ọkọ̀ ara ẹni" tí a sì ń fi ọkọ̀ náà gbé èrò lọ́jọ́ ọjà. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, wọn yóò fi owó tí a san wé èyí tó yẹ ká san, wọn yóò sì gé owó wa ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi hàn pé a mọ̀ọ́mọ̀ ni, kóńtírà lè di asán.

Láàrin méjèèjì, wọn a máa ta èyí tí wọ́n ń pè ní tíyẹ́ẹ̀sì-kòlísíọ̀n, owó rẹ̀ a sì máa fa ojú mọ́ra. Òun a máa tún ọkọ̀ wa ṣe bí ó bá forí gbá ọkọ̀ mìíràn, tàbí ẹranko tàbí ẹni tí a mọ̀. Ẹni tí a mọ̀ ni gbólóhùn tó ṣe pàtàkì. Bí a bá wọ kòtò lásán, kò sí nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ ńkọ́? Níbí, ewúrẹ́ tó bá kú sábẹ́ táyà ní olówó márùn-ún, ṣùgbọ́n èyí tó bá fọ́ iná ọkọ̀ kò ní olówó rárá.

Orúkọ tu-rísìkì náà sì ń tan ènìyàn. Ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Bí awakọ̀ tó jẹ̀bi bá fi apá ṣẹ́, kò kan án, àfi tí a bá ra ìdáàbòbò awakọ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kò ní rí nǹkan gbà fún ọkọ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń kọjá sí Nàìjíríà, ẹ fi sọ́kàn pé káàtì búrúùnù ti Sédéáò, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu ní ọdún 1982, ẹni kẹta nìkan ló ń san fún. Bóyá tu-rísìkì wa bá wa dé ọ̀hún, inú kóńtírà la ti máa kà á.

Nígbà tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, kóńtírà kò gbọdọ̀ fún wa ní àkókò tó dín sí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti sọ fún wọn. Fún olè, ó lè dín dé wákàtí méjìdínláàádọ́ta, nítorí náà ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ ya fọ́tò, ẹ gba nọ́ńbà asíráńsì ẹnìkejì, ẹ pe pọ́lísì bí ènìyàn bá fara pa. Ẹ má gbé ọkọ̀ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ẹ̀sípẹ̀ẹ̀ wọn tó rí i, torí ohun tí kò bá rí, kì í fi sínú ìṣirò.

Ó ku ọkọ̀ àgbà, irú èyí tí púpọ̀ nínú wa ń gùn. Ká ní ó lè tà ní 1.000.000, tí tu-rísìkì sì fi 120.000 ju tíyẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san, lẹ́yìn fùráńṣíìsì 100.000, jẹ́ 900.000. Ọdún méje àtààbọ̀ ni owó tí a fi kún un yóò fi tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà á sì ti kú kó tó dé ibẹ̀. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tíyẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdáàbòbò awakọ̀ ni àwa máa rà. Fún ọkọ̀ tí a yá owó kó ra, tu-rísìkì ni, pẹ̀lú iye òtítọ́ rẹ̀ nínú ìwé.