Ìdí Tí Iná Ojú Pópó Fi Ṣòro Láti Tà: Ẹ̀kọ́ Láti Lọ́ńdọ̀nù Àtijọ́

Láyé àtijọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó bá fẹ́ rìn lóru lè fi owó ra ìmọ́lẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń gbé ògùṣọ̀ dúró níta ilé eré àti ilé ọtí. Ẹni tó bá fún ọ̀kan nínú wọn ní owó táṣẹ́rẹ́, ọmọ náà yóò ṣíwájú rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọjà yìí tà, nítorí pé ẹni tó sanwó ni ìmọ́lẹ̀ náà ń bá rìn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ìmọ́lẹ̀ kọ́ sójú kan ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí ìjọba Ọba Ṣáàsì Kejì, ẹni tó wàjà lọ́dún 1685, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ́dúwọ́ọ̀dù Hẹ́míǹgì gba ìwé àṣẹ láti tan iná sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Àdéhùn rẹ̀ ni pé òun yóò gbé àtùpà kan síwájú ilé kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago méjìlá òru, ní àwọn òru tí kò sí òṣùpá, láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó tó fẹ́ máa gbà kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká sọ pé àtùpà kan ń ná ènìyàn ní 60 ṣílè lọ́dún, àti pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 10 ṣílè lójú onílé kọ̀ọ̀kan nínú ilé mẹ́wàá tó yí i ká. Àǹfààní rẹ̀ jẹ́ 100 ṣílè, ó ju ìnáwó rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dá 6 ṣílè lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló jèrè. Ṣùgbọ́n onílé kẹwàá yóò ronú pé, bí àwọn mẹ́sàn-án yòókù bá ti san gbogbo 60 ṣílè náà pé, òun náà yóò ríran láìná kọ́bọ̀. Bí wọn kò bá sì san, 6 ṣílè tòun nìkan kò lè tan àtùpà. Bó ti wù kó rí, kíkọ̀ ló sàn fún un. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìṣirò ló ṣe. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù sì mọ ìṣirò náà bákan náà.

Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, kò sí bí a ṣe lè ṣíji bo ojú ẹni tí kò sanwó. Èkejì, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tilẹ̀ kọjá lábẹ́ àtùpà kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dín kù. Lọ́dún 1954, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, Pọ́ọ̀lù Sámúẹ́sìn, ṣàlàyé irú ohun àjùmọ̀lò báyìí, ó sì fi hàn pé ọjà lásán kò lè pèsè rẹ̀ tó bó ti yẹ, nítorí pé ó dára fún oníkálukú láti díbọ́n pé òun kò nílò rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú kọ́kọ́ gbìyànjú ipá. Òfin ọdún 1716 pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí títì gbé iná kọ́ síta láti aago mẹ́fà di mọ́kànlá ní gbogbo òru tó ṣókùnkùn. Ẹni tó bá kọ̀ yóò san ṣílè kan. Ṣùgbọ́n iná lè wà lóòótọ́ kó má mọ́lẹ̀: àbẹ́là tó kéré jù lọ tó láti fi yẹra fún owó ìtanràn. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, òkùnkùn padà dé.

Lọ́dún 1736, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fún wọn láṣẹ láti gba owó iná lọ́wọ́ gbogbo onílé, kí wọ́n sì fi gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe. Bí owó ilé rẹ bá ti pọ̀ tó ni ohun tí wàá san ṣe pọ̀ tó. Láti ìgbà náà, àtùpà elépo ń jó láti ìwọ̀ oòrùn di àfẹ̀mọ́júmọ́, jálẹ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó tún lè sá sẹ́yìn aládùúgbò rẹ̀.

Síbẹ̀, owó ọ̀ranyàn ní àléébù tirẹ̀. Arúgbó tí kì í jáde lóru ń san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń rìn títí ilẹ̀ fi mọ́, níwọ̀n ìgbà tí owó ilé wọn bá dọ́gba. Bí agbaṣẹ́ṣe bá sì ń dín epo kù, onílé kò lè fa owó tirẹ̀ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bó ṣe lè lé ọmọ ológùṣọ̀ tó ṣe jàǹbá. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó gba owó ló gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ. Òfin lè yanjú ọ̀rọ̀ ta ni yóò sanwó. Ta ni yóò máa ka iye àtùpà tó ń jó lóru, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.