Mẹ́sàn-án tí kì í ṣe mẹ́sàn-án: bí mo ṣe da ìwé owó ṣọ́ọ̀bù màmá àgbà mi kọ sórí kọ̀ǹpútà 🧵

1. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nínú ẹbí wa pé obìnrin kan jẹ màmá àgbà wa ní gbèsè, tí kò sì san án tán títí màmá fi kú. Ìyá Alágbo ni wọ́n ń pè é. Ní 2025, mo da ìwé owó ṣọ́ọ̀bù màmá kọ sórí ṣíìtì nínú kọ̀ǹpútà. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo wà tí mo fi rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí a ṣe ń sọ ọ́.

2. Aṣọ ni màmá ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1972, ó parí ní oṣù karùn-ún 1973. Màmá ka ìwé mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí àwọn ọjọ́ yẹn o. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni Nàìjíríà fi pọ́n-ùn sílẹ̀, tí a bọ́ sórí náírà. Ìwé kan náà, owó oríṣi méjì.

3. Fún àwa tí a ò bá pọ́n-ùn láyé: pẹ́ńsì 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Ìyẹn ni pé pẹ́ńsì 240 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Pẹ́ńsì mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì. Nígbà tí náírà dé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì sì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Ẹ tọ́jú èyí sápò, a máa lò ó.

4. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ṣí Excel, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń rí i. Màmá máa ń kọ owó kékeré báyìí: 3/6. Ṣílè mẹ́ta àti sísì nìyẹn. Mo tẹ 3/6, mo tẹ Enter, kọ̀ǹpútà yí i padà sí `6-Mar`. Ó ti sọ ọ́ di ọjọ́! Mo yí àpótí náà sí nọ́ńbà, mo rí 45722. Excel máa ń tọ́jú ọjọ́ bíi nọ́ńbà, ó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ 1900. Owó aṣọ ṣílè mẹ́ta ààbọ̀ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

5. Èyí tó burú jù ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yí padà. 17/6 dúró bó ṣe wà, torí kò sí oṣù kẹtàdínlógún. 12/- náà dúró. Nínú òpó kan ṣoṣo, àwọn kan ti di ọjọ́, àwọn kan ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè tètè rí i. Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan tí ẹ tẹ̀ fara tì nínú àpótí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì, nọ́ńbà àti ọjọ́ máa ń fara ti ọ̀tún.

6. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ yan `Text` fún gbogbo òpó tí mo máa tẹ ohun tí màmá kọ sí, kí n tó tẹ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán kí ẹ tó yan `Text`, ẹ̀pa ò bóró mọ́. 45722 yẹn náà ni yóò jókòó síbẹ̀, 3/6 ò ní padà wá.

7. Bí mo ṣe to ṣíìtì náà nìyí. Ìlà kan nínú ìwé, ìlà kan nínú ṣíìtì. Òpó àkọ́kọ́ ni ojú ewé, èkejì ni nọ́ńbà ìlà, kí n lè padà síbẹ̀ nígbàkúùgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òpó «bí màmá ṣe kọ ọ́». Mi ò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, ì báà jẹ́ àṣìkọ. Ibi tí mi ò bá lè kà, mo fi [?] sí i. Ìgbà yẹn ni òpó pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńsì tó kàn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà òpó tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di náírà:

```
=(F2*240+G2*12+H2)/120
```

Torí pẹ́ńsì 120 ló di náírà kan. 3/6 jẹ́ pẹ́ńsì 42, ó sì di 0.35, ìyẹn kọ́bọ̀ márùndínlógójì.

8. Títí dé ìparí 1972, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ibi tí 1973 bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí màmá rà, wọ́n ti fa òpó owó mẹ́ta sí i láti ilé ìtẹ̀wé: pọ́n-ùn, ṣílè, pẹ́ńsì. Náírà àti kọ́bọ̀, òpó méjì péré ni wọ́n nílò. Ṣé màmá máa wá ju ìwé tí kò tíì kún nù ni? Rárá o. Ó kọ náírà sí òpó pọ́n-ùn, ó kọ kọ́bọ̀ sí òpó ṣílè, òpó kẹta wá ṣófo.

9. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú òpó kẹta yẹn. 6, 12, 6, 4. Mo kọ́kọ́ rò pé pẹ́ńsì ni, mo ń rò wọ́n mọ́ owó, àpapọ̀ mi kò sì bá ti màmá mu rí. Mo wá ṣàkíyèsí pé àwọn ìlà tó jẹ́ aṣọ nìkan ló ní i. Ìlà ẹni tó wá san gbèsè kò ní i. Yáàdì ni! Màmá ti sọ òpó pẹ́ńsì di òpó yáàdì, kò sì kọ ọ́ síbì kankan, torí òun ṣáà mọ̀. Mo la òpó yáàdì sínú ṣíìtì mi, mo ṣí wọn lọ síbẹ̀, àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bára mu.

10. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ Ìyá Alágbo. Ní oṣù kejìlá 1972, ó gba aṣọ ẹbí pọ́n-ùn méjìlá, ó san mẹ́ta, ó ku mẹ́sàn-án. Ní oṣù kìíní 1973, màmá gbé gbèsè náà wá sí ojú ewé tuntun, ó sì kọ 18. Ó tọ̀nà, pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni náírà méjìdínlógún. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, orúkọ Ìyá Alágbo tún jáde: «ó san 9». Kò sí orúkọ rẹ̀ mọ́ títí ìwé fi parí.

11. Ibẹ̀ ni ìtàn ẹbí wa ti wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ka ìwé yẹn lẹ́yìn ìsìnkú màmá. Ó ní, «Méjìdínlógún ló jẹ, mẹ́sàn-án ló san, ó ku mẹ́sàn-án.» Láti ìgbà yẹn la ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ Ìyá Alágbo wá síbi ìgbéyàwó kan ládùúgbò, mo rántí bí wọ́n ṣe ń fẹnu yọ́ ọ sọ lẹ́yìn. Ọmọ onígbèsè.

12. Ohun tí mo ṣe sí gbogbo ojú ewé ni mo ṣe sí ti ọjọ́ yẹn: mo ro àwọn ìlà pọ̀, mo fi wé àpapọ̀ tí màmá kọ sísàlẹ̀. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó tó wọlé ni gbogbo wọn:

Ìyá Eléwé, àǹkárá: 4.20
Bàbá aránṣọ, aṣọ funfun: 1.50
Ìyá Alágbo, ó san: 9
Oníbàárà kan: 15/-

Àpapọ̀ tí màmá kọ: 25.20.

13. Ẹ wo ìlà ìkẹyìn. Oṣù kẹta ni, náírà ti dé, màmá ṣì kọ ṣílè 15. Ọwọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ṣílè kò lè fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan. Ẹnu gan-an ò fi í sílẹ̀. Títí di ìgbà tí mo gbọ́njú, àwọn àgbà ilé wa ṣì ń pe náírà mẹ́wàá ní pọ́n-ùn márùn-ún. Ṣílè 15 jẹ́ 1.50. Mo rò wọ́n: 4.20 àti 1.50 àti 9 àti 1.50 jẹ́ 16.20. Màmá ní 25.20. Ó fi 9 gééré ju tèmi lọ.

14. Ẹ dúró ná. Nígbà tí àpapọ̀ méjì ò bá bára mu, iye tí wọ́n fi yàtọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ iye tó dọ́gba pẹ̀lú ìlà kan lójú ewé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ ti fo irú rẹ̀ kan. Mo padà sí fótò, mo sún un mọ́jú. Ìlà mẹ́rin ni, mi ò fo nǹkan kan. Mo wá wo 9 yẹn dáadáa. Nínú òpó kejì, àwọn tó jẹ́ náírà ní kọ́bọ̀ wọn: 20, 50. Ti Ìyá Alágbo kò ní 00. Fáàlà kékeré méjì ló wà níwájú rẹ̀, 9 – –, bí màmá ṣe máa ń kọ pọ́n-ùn tí kò ní ṣílè àti pẹ́ńsì.

15. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni. Bí mo ṣe kọ 9 sí òpó pọ́n-ùn, fọ́múlà sọ ọ́ di 18. 4.20, 1.50, 18, 1.50. Àpapọ̀: 25.20. Ó bá ti màmá mu dé kọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ìyá Alágbo ti san gbogbo gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ kò fi jáde mọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè tẹ nǹkan kan mọ́.

16. Mi ò fẹ́ sọ ju ohun tí ìwé sọ. Ìwé kan ṣoṣo nìyí, oṣù karùn-ún 1973 ló sì parí. Bí Ìyá Alágbo bá tún gba aṣọ àwìn lẹ́yìn ìyẹn, kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń tọ́ka sí, ti inú ìwé yìí ni, ó sì ti wọlé.

17. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí ìdí tí òpó «bí màmá ṣe kọ ọ́» fi ṣe pàtàkì báyìí. Ká ní mo ti tẹ 9.00 síbẹ̀ kí ṣíìtì lè mọ́ tónítóní ni, fáàlà méjì yẹn ì bá ti lọ. Ṣíìtì mi ì bá rẹwà, ì bá sì máa pe ẹni tó san gbèsè ní onígbèsè.

18. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo fi ìwé hàn wọ́n lákọ̀ọ́kọ́, ká tó ṣí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà mẹ́rin yẹn, wọ́n rò ó lẹ́nu, wọ́n tún un rò. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, «Màmá fúnra wọn ò sọ ọ́ rí, ṣé o mọ̀? Àwa la sọ ọ́.»

19. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ sílé ọmọ Ìyá Alágbo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ̀rọ̀. Mo gbé ìwé dání.