Ìbéèrè tí Aaya Wá Dáhùn: Ìdí Ìsọ̀kalẹ̀ àti Ìtumọ̀ Aaya Sọfa àti Mariwa

Aaya 158 nínú Suratul-Bakọra sọ pé Sọfa àti Mariwa wà lára àwọn àmì ẹ̀sìn Ọlọ́hun, àti pé ẹni tó bá wá ṣe hajì tàbí umura, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un bó bá rìn láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, yóò rò pé ìrìn náà kì í ṣe dandan: ẹni tó bá wù kó rìn, ẹni tí kò bá wù kó fi í sílẹ̀. Ta ló ń sọ fún ẹni tí a pa iṣẹ́ láṣẹ fún pé kò ní jẹ̀bi bó bá ṣe é? Irú òye yìí gan-an ni Urwa ọmọ Subairu ní, kò sì sí ẹni tó lè pe Urwa ní òpè. Abú Bákárì ni baba ìyá rẹ̀, Lárúbáwá ni èdè abínibí rẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn amòfin méje tí ìlú Mọ̀dínà fi ń yangàn. Èyí ni mo fẹ́ ká fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá ti gbọ́ Lárúbáwá dáadáa ti ní gbogbo ohun tó nílò láti túmọ̀ aaya. Urwa gbọ́ èdè náà tán, síbẹ̀ ó ṣì aaya yìí gbọ́.

Buhari àti Musilimu ni wọ́n gba ìtàn náà wá. Urwa sọ fún Aiṣa, àbúrò ìyá rẹ̀ tí í ṣe aya Ànábì, pé lójú tòun, kò sí láìfí fún ẹni tí kò bá rìn láàárín àwọn òkè méjèèjì. Aiṣa kò gbà fún un, ìdáhùn rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ méjì. Èkínní wá láti inú gbólóhùn náà fúnra rẹ̀: bó bá jẹ́ bí Urwa ṣe wí ni, aaya ìbá ti sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò bá rìn. Èkejì ni ìdí ìsọ̀kalẹ̀. Kí àwọn ará Mọ̀dínà tí a ń pè ní Ansari tó gba Islamu, òrìṣà kan tó ń jẹ́ Manata ni wọ́n máa ń gbé aṣọ ihiraamu wọ̀ fún, ní Muṣalali. Ẹni tó bá ti gbé e wọ̀ fún Manata kì í rìn láàárín Sọfa àti Mariwa, ẹ̀ṣẹ̀ ló kà á sí. Nígbà tí wọ́n di Mùsùlùmí, ẹ̀rù ìrìn náà kò tíì kúrò lára wọn, wọ́n sì bi Ànábì léèrè. Àwọn ni aaya náà sọ̀ kalẹ̀ dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ẹsẹ̀ kìíní tó láti fi hàn pé aaya náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ìrìn náà sílẹ̀. Àmọ́ kò lè sọ ìdí tí Ọlọ́hun fi ní “kò sí ẹ̀ṣẹ̀” lórí ohun tó ti kọ́kọ́ pè ní àmì ẹ̀sìn Rẹ̀. Ìdí ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ló lè ṣí ìyẹn. Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ kò béèrè bóyá àwọn lè fi í sílẹ̀. Bóyá àwọn kò ní dẹ́ṣẹ̀ bí àwọn bá ṣe é ni wọ́n ń béèrè. “Kò sí ẹ̀ṣẹ̀” wá ká ẹ̀rù kan kúrò, kò wá dín iye iṣẹ́ kù. Ohun tí mo ń jà fún nìyí: ìdí ìsọ̀kalẹ̀ ń fi ìbéèrè tí aaya wá dáhùn hàn wá, gbólóhùn kan náà sì lè ní ìtumọ̀ méjì bí ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀ bá yàtọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ìdí ìsọ̀kalẹ̀ bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn amòfin kò fi fohùn ṣọ̀kan lórí ìrìn náà? Ní ọ̀nà Imaamu Maliki, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, òpó hajì ni. Ẹni tí kò bá ṣe é kò tíì parí hajì rẹ̀. Abu Hanifa ní dandan ni, ṣùgbọ́n ẹran pípa lè dípò rẹ̀. A sì ròyìn lọ́dọ̀ àwọn kan nínú àwọn sàábé pé àfínnúfíndọ̀ ni. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lẹ́nu Aiṣa fúnra rẹ̀. Kò sọ pé aaya ló sọ ìrìn náà di dandan. Ohun tó sọ ni pé Ànábì ti fi í lélẹ̀ ní sunna, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ìdí ìsọ̀kalẹ̀ mú òye tí kò tọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì dúró níbẹ̀. Òdiwọ̀n òfin náà, inú ìṣe Ànábì ni wọ́n ti wá a, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdí ìsọ̀kalẹ̀ nìkan gbé òfin ró ti di ẹrù tó pọ̀ jù lé e lórí.

Àtakò tó le ju ìyẹn ni pé àwọn ìròyìn náà kì í bára mu. Lórí aaya yìí kan náà, Anasi ọmọ Maliki sọ ohun mìíràn: àwọn rí ìrìn náà bí ìṣe ìgbà àìmọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àwọn fi fà sẹ́yìn nígbà tí Islamu dé. Àwọn ti Aiṣa ń bẹ̀rù nítorí pé wọn kì í ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn ti Anasi ń bẹ̀rù nítorí pé àwọn abọ̀rìṣà máa ń ṣe é. Nígbà tí Suhuri, tó gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu Urwa, mú un dé ọ̀dọ̀ Abú Bákárì ọmọ Abudu-Rahamani, onímọ̀ yìí yọ̀ sí i, ó sì ní ó jọ pé àwọn méjèèjì ni aaya náà sọ̀ kalẹ̀ fún. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí pé ìròyìn méjèèjì yàtọ̀ lórí orísun ẹ̀rù náà, wọ́n sì ṣọ̀kan pé ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ wà nílẹ̀ kí aaya tó dé. Lórí ibi tí wọ́n ti ṣọ̀kan yẹn ni ìtumọ̀ dúró lé.

Kì í ṣe gbogbo ìròyìn ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Alwahidi, tó kú ní 1076, tí ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ yìí sì lókìkí jù lọ, kìlọ̀ pé kò tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ìdí ìsọ̀kalẹ̀ àyàfi kó jẹ́ ohun tí a gbà láti ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀. Ibun Taimiya, tó kú ní 1328, tún ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn aṣáájú bá ní aaya kan “sọ̀ kalẹ̀ nípa nǹkan báyìí”, nígbà mìíràn wọn kò ní i lọ́kàn pé nǹkan náà ló fà á. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé aaya náà kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa rí ìjà níbi tí kò sí. Oníwàásù tó bá ń ṣe tafsiri nínú Ramadan kàn ní láti béèrè bóyá sàábé náà sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó, tó sì ní lẹ́yìn rẹ̀ ni aaya dé, kó tó pe é ní ìdí ìsọ̀kalẹ̀.

Ó ku àtakò àwọn tó ń bẹ̀rù pé a óò ti aaya mọ́ inú ìtàn. Wọ́n di òfin kan mú, pé bí gbólóhùn bá ṣe gbòòrò tó la fi ń dájọ́, kì í ṣe bí ìdí rẹ̀ ṣe há tó. Òfin náà tọ̀nà. Aaya 195 nínú Sura yìí kan náà, tó kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa sọ ara wa sínú ìparun, fi hàn bí méjèèjì ṣe ń gbé pọ̀. Lẹ́bàá Kọsitantinobu, ọkùnrin kan já wọ àárín ọmọ ogun Róòmù ní òun nìkan, àwọn èèyàn sì kígbe pé ó ti sọ ara rẹ̀ sínú ìparun. Abu Ayuba, ọ̀kan nínú Ansari, ní àwọn Ansari ni aaya náà sọ̀ kalẹ̀ fún: nígbà tí Islamu lágbára tán, wọ́n rò ó lọ́kàn ara wọn pé kí àwọn jókòó ti dúkìá àwọn kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n yéé jagun. Ìparun tí aaya ń wí, ìjókòó náà ni. Nínú Buhari, Hudaifa ní ọ̀rọ̀ ìnáwó ló dá lé, gbólóhùn tó sì ṣáájú nínú aaya náà, tó ní ká náwó sójú ọ̀nà Ọlọ́hun, tì í lẹ́yìn.

Ibun Hajari, tó kú ní 1449, kò gbà kí a fi aaya náà mọ sórí ìnáwó nìkan, torí pé gbólóhùn rẹ̀ gbòòrò. Nítorí náà, ẹni tó bá fi í kọ̀ fún èèyàn láti pa ara rẹ̀ kò jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí gbólóhùn bá ti lè gbòòrò tó, kò lè ti ẹni tó tìtorí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ síta. Ẹni tó bá ń fi aaya yìí kọ ìpara-ẹni, tí kò sì jẹ́ kó kan olówó tó há owó mọ́wọ́ nígbà tí ìlú nílò rẹ̀, ti yọ àwọn tí a kọ́kọ́ fi aaya náà ránṣẹ́ sí kúrò nínú rẹ̀.