OD, BE, 6/12: Ìtumọ̀ Ìkékúrú nínú Ìwé Ilé Ìwòsàn Ojú

Ìlànà tí a sábà máa ń fi kọ́ ògbufọ̀ lórí ìkékúrú kò le: kí ó kọ ọ̀rọ̀ jáde ní kíkún nígbà àkọ́kọ́, kí ó fi ìkékúrú rẹ̀ sínú àkámọ́, kí ó sì máa lo ìkékúrú nìkan láti ibẹ̀ lọ. Èyí bá ìwé àdéhùn àti ìròyìn àjọ mu, nítorí ẹni tó ń kà wọ́n a máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Ìwé tí dókítà ojú kọ fún aláìsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni aláìsàn ń wá lálẹ́ tó bá fẹ́ kán oògùn. Bó bá ti rí i, ó ká ìwé rẹ̀ nìyẹn. Èrò wa ni pé ohun tí òǹkàwé fẹ́ fi ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ló yẹ kó pinnu bóyá a ó tú ìkékúrú inú rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀, tàbí a ó fi àlàyé ṣókí tì í.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé kan tí a hun fún àpẹẹrẹ. Glọ̀kọ́mà ló ń ṣe ẹni tó ni ín, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀:

```
VA: RE 6/12, LE 6/60
IOP: RE 15, LE 16 mmHg
Gutt. Latanoprost OD
Gutt. Timolol 0.5% BD BE
RTC 6/12
```

Ẹ kíyè sí 6/12 tó wà lókè àti nísàlẹ̀. Ti òkè jẹ́ ìwọ̀n ìríran: ohun tí ojú tó dá ṣáṣá lè rí láti mítà 12, aláìsàn yìí gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 6 kó tó rí i. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́fà nínú oṣù méjìlá ọdún, gẹ́gẹ́ bí 4/52 ṣe jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí 3/7 sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ fi ti òkè sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí dókítà mìíràn yóò fẹ́ fi wé ti ọjọ́ iwájú. Ti ìsàlẹ̀ ni kó tú pátápátá, nítorí aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa ka ọjọ́.

OD ló le jù. Lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ oògùn bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Lọ́wọ́ àwọn dókítà ojú tó ń lo ìkékúrú Látìn, ojú ọ̀tún ni. Ó wà lára àwọn ìkékúrú tí àjọ ISMP ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí àṣìṣe lílo oògùn, kà sí èyí tó ń fa àṣìṣe. Nínú ìwé wa yìí, dókítà ti lo RE fún ojú ọ̀tún, LE fún ojú òsì, BE fún méjèèjì. Ìyẹn mú kó dà bíi pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni OD. Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú wo ni kí wọ́n kán oògùn sí? Ìlà náà kò sọ. Bí ògbufọ̀ bá kọ “ojú ọ̀tún”, tó sì ṣì í, ojú òsì tó ti bàjẹ́ jù lọ ni oògùn kò ní dé. Kò yẹ kó méfò rárá. Kó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ìwé náà, kó sì fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ títí èsì yóò fi dé.

IOP yàtọ̀ sí èyí. Ìfúnpá inú ẹyinjú ni, aláìsàn kò sì ní ohun kan tó máa fi ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, yóò tún rí lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí lórí káàdì rẹ̀ nígbàkigbà tó bá padà wá. Nítorí náà, a ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀, a ó sì fi IOP sínú àkámọ́ ní gbogbo ojú ewé tó bá ti jẹ yọ, nítorí ojú ewé lè já sọ́tọ̀.

Àwọn kan yóò fẹ́ ṣẹ̀dá ìkékúrú Yorùbá, bíi ÌIẸ. A kò fara mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá, ó sì sábà máa ń jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán. Ìfúnpá, ìríran, ìtọ́jú, ìwòsàn, ìlera: Ì ni gbogbo wọn yóò fi sílẹ̀. Lẹ́tà tó ṣẹ́kù kò gbé kókó ọ̀rọ̀ dání, kò sì sí lórí káàdì tàbí ìgò oògùn kankan.

Báyìí ni ìwé náà yóò ṣe rí kí èsì dókítà tó dé:

Agbára ìríran (VA): ojú ọ̀tún 6/12, ojú òsì 6/60.
Ìfúnpá inú ẹyinjú (IOP): ojú ọ̀tún 15, ojú òsì 16 mmHg.
Oògùn àkán-sójú Latanoprost: à ń dúró de èsì dókítà.
Oògùn àkán-sójú Timolol 0.5%: ẹ kán an sí ojú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.
Ẹ padà wá sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.